Páìpù Ínṣì Kan, Mìlímítà Mélòó Ni?

Ìwé pélébé tí púlọ́ńbà kọ fún mi ni mo mú dání lọ sọ́jà ní Ìbàdàn, nígbà tí a fẹ́ pààrọ̀ páìpù omi ilé bàbá mi ní Mọ́kọ́lá. Ilé náà ti pẹ́. Páìpù irin ni wọ́n rì mọ́ inú ògiri rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, ìpẹtà sì ti jẹ inú wọn débi pé omi tó ń kọ́kọ́ jáde láàárọ̀ máa ń pọ́n bí ẹni pé wọ́n po erùpẹ̀ pupa mọ́ ọn. Ohun tó wà nínú ìwé náà kò pọ̀. Páìpù ínṣì 1 ni ká fi sọ̀ kalẹ̀ láti ìdí tánkì, ínṣì ¾ ni ká fi wọ balùwẹ̀, ínṣì ½ ni yóò lọ bá ẹnu ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló kọ àwọn fítíńsì, ìyẹn ẹ́líbò, tíì, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti rẹdúsà tí a fi ń so páìpù mọ́ páìpù. Ó fa ìlà sábẹ́ lẹ́tà mẹ́ta, PPR, kí n má baà ra oríṣi mìíràn. Páìpù ike líle ni, èyí tí wọ́n máa ń fi ooru yọ́ kí wọ́n tó kì í bọ inú fítíńsì, kò sì nílò gọ́ọ̀mù.

Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù wo ìwé náà, ó ní, "Ọmọ mi, mìlímítà ni wọ́n kọ sára PPR o. Mìlímítà mélòó lẹ fẹ́?"

Mo yọ fóònù mi, mo ṣírò. Ínṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4, mo mọ èyí láti ilé ẹ̀kọ́. Mo sọ ¾ di púpọ̀ pẹ̀lú 25.4, ó fún mi ní 19.05. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ½, ó fún mi ní 12.7. Páìpù 25 wà níbẹ̀, mo ní kí wọ́n gbé e wá fún ínṣì 1. Èyí tó sún mọ́ 19.05 jù ni 20, mo mú un fún ínṣì ¾. Mo wá bèèrè èyí tó tó 12 tàbí 13. Ìyá ní 20 ló kéré jù nínú èyí tí àwọn ń tà. Mo ní kó burú, kí wọ́n fi 20 kún un fún ínṣì ½ náà.

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti dúró. Púlọ́ńbà kọ ìwọ̀n mẹ́ta, èmi ra méjì. Bí ìṣirò bá sọ ìwọ̀n méjì tó yàtọ̀ di ọ̀kan, nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ tí ó yẹ kí a wá ìdí rẹ̀ kí a tó sanwó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, púlọ́ńbà gbé páìpù 25 sókè, ó wo ihò rẹ̀, ó sì gbé e kalẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ra eléyìí? Tírí-kọ́tà nìyí. Wọ́ọ̀nù ínṣì ni mo kọ." Mo fi ìṣirò mi hàn án. Ó ní, "Ìṣirò yín dáa, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe páìpù."

Ó tọ̀nà. Ìṣirò náà kò ní àbùkù kankan. Láti ọdún 1959 ni Amẹ́ríkà, Bìrìtéènì àti àwọn orílẹ̀-èdè mélòó kan mìíràn tó ń lo ínṣì ti fẹnu kò pé mìlímítà 25.4 géérégé ni ínṣì kan. Ohun tí mo kùnà láti bèèrè ni ibi tí wọ́n ti wọn ínṣì yẹn lára páìpù. Páìpù ní ìbú méjì. Ìbú inú ni fífẹ̀ ihò tí omi ń gbà kọjá, ìbú òde sì ni fífẹ̀ gbogbo páìpù láti ẹ̀yìn kan dé ẹ̀yìn kejì. Nínípọn ara páìpù ló wà láàárín méjèèjì.

Inú ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń wọn páìpù irin. Láyé ìjọ́un, tí wọ́n bá pe páìpù ní ínṣì ½, ihò rẹ̀ súnmọ́ ínṣì ½ lóòótọ́, ara rẹ̀ sì nípọn gan-an nítorí pé irin ìgbà náà kò lágbára tó ti ìsinsìnyí. Nígbà tó yá, irin dára sí i, wọ́n sì lè ṣe ara páìpù kó fẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n wọn kò lè fọwọ́ kan ìbú òde, nítorí pé òde ni wọ́n ń gé tírẹ́ẹ̀dì sí, gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì àti ẹ́líbò tó ti wà nílé àti lọ́jà ló sì bá òde yẹn mu. Ara páìpù wá ń fẹ́lẹ́ láti inú, ihò ń fẹ̀ sí i, orúkọ kò yí padà. Ìdí nìyẹn tí páìpù irin tí a ń pè ní ínṣì ½ lónìí fi ní ìbú òde mìlímítà 21.3, tí ihò rẹ̀ sì tó nǹkan bíi 16. Kò sí ibì kankan lára rẹ̀ tí ẹ ó ti rí 12.7. Ínṣì ½ ti di orúkọ, bí ìgbà tí ọmọ tí wọ́n ń pè ní Kékeré láti kékeré bá di géńdé tí wọ́n sì tún ń pè é ní Kékeré.

Páìpù ike dé lẹ́yìn èyí. Àwọn tó ṣe òfin ìwọ̀n PPR fi mìlímítà sọ ọ́ lórúkọ láti ìpìlẹ̀, ìbú òde sì ni wọ́n fi ṣe orúkọ. PPR tí wọ́n kọ 25 sí lára fẹ̀ tó mìlímítà 25 ní òde lóòótọ́. Ohun tí èmi ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ni pé mo mú orúkọ kan tó ti inú wá, mo ṣírò rẹ̀, mo sì lọ fi èsì rẹ̀ wá páìpù tí orúkọ rẹ̀ ti òde wá.

Bí àwọn méjèèjì ṣe bára mu nìyí, ẹ sì lè kọ ọ́ sínú fóònù yín. PPR 20 ló dúró fún ínṣì ½, 25 ló dúró fún ¾, 32 ló dúró fún ínṣì 1. Bí ó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, 40 ni fún ínṣì 1¼, 50 fún ínṣì 1½, 63 fún ínṣì 2.

Ẹ wá fi ẹ̀rọ ìṣirò yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà yẹn, ẹ ó rí bí pańpẹ́ náà ṣe wà. Ínṣì 2 lọ́nà 25.4 jẹ́ 50.8, ẹ ó sì mú 50, èyí tó jẹ́ ínṣì 1½. Ínṣì 1½ jẹ́ 38.1, ẹ ó mú 40, èyí tó jẹ́ 1¼. Ínṣì 1¼ jẹ́ 31.75, ẹ ó mú 32, ínṣì 1 nìyẹn. Ínṣì 1 yóò di 25, ¾ yóò di 20. Kò sí èyí tí ìṣirò gbé kọjá òkè nínú wọn. Gbogbo wọn ló já sórí páìpù gidi kan tí wọ́n ń tà lọ́jà, gbogbo wọn ló sì fi àkàsọ̀ kan kéré sí èyí tí ẹ fẹ́. Bí nọ́ńbà tí mo gbà bá jẹ́ ohun tí kò sí lọ́jà ni, ìyá oníṣọ́ọ̀bù ìbá ti kọ̀. Nítorí pé ó wà, tí ó sì sún mọ́ ohun tí mo ṣírò, kò sẹ́ni tó fura.

Kí ni àkàsọ̀ kan náà yóò ṣe fún ẹni tó bá lò ó bẹ́ẹ̀? Omi ilé bàbá mi kò ní ẹ̀rọ tó ń tì í, àfi kó máa ṣàn wálẹ̀ láti orí tánkì. Ojú omi inú tánkì fi bíi mítà 4 ga ju ṣáwà lọ, ìwọ̀nba agbára tó wà lẹ́yìn omi náà kò sì tó ìdajì báà. Pẹ̀lú agbára kékeré bẹ́ẹ̀, fífẹ̀ ihò ló kù tí yóò pinnu bí omi ṣe máa jáde. Páìpù irin ínṣì 1 tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní ihò mìlímítà 27 àti díẹ̀ nígbà tó wà ní tuntun. PPR 25 tí mo rà jẹ́ èyí tí wọ́n kọ PN 20 sí lára, tí ara rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 4.2. Ẹ yọ 4.2 lẹ́ẹ̀mejì kúrò nínú 25, ihò tó kù jẹ́ 16.6. Ihò jẹ́ róbótó, nítorí náà àyè tí omi ń gbà kọjá kì í dín kù bí ìbú ṣe dín kù nìkan, ó máa ń dín kù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ihò 16.6 kò fún omi ní ju nǹkan bíi 37 nínú 100 àyè tí ihò 27 fún un. Ara páìpù tó há náà sì tún ń fa omi sẹ́yìn. Ẹni tó bá ṣí ẹnu ẹ̀rọ nínú kíṣíìnì nígbà tí ẹlòmíràn ń wẹ̀ yóò gba omi ṣáwà mọ́ onítọ̀hún lára.

Níbí ni púlọ́ńbà ti kọ́ mi ní ohun kan tí n kò mọ̀ rárá. Bí mo bá tilẹ̀ ra 32 tó yẹ, tí mo sì ra á ní PN 20, ihò rẹ̀ kò ní ju 21.2 lọ, nítorí pé ara rẹ̀ nípọn tó 5.4. Orúkọ yóò bá ti páìpù irin mu, ihò kò ní bá a mu. PN ni wọ́n fi ń tọ́ka sí agbára omi tí páìpù lè gbà, bí ó bá sì ṣe ga tó ni ara páìpù ṣe ń nípọn tó. PN 20 wúlò fún omi gbígbóná tó ń ti inú ẹ̀rọ amúmigbóná wá. Fún omi tútù tó ń ti orí tánkì ṣàn wálẹ̀ jẹ́jẹ́, PN 10 tó, ihò PPR 32 oní-PN 10 sì jẹ́ 26.2, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti irin àtijọ́. Ìwọ̀n òde ọ̀kan náà ni méjèèjì ní, fítíńsì kan náà ni wọn yóò sì wọ̀. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ wà nínú, ẹni tí kò bá sì wo ihò kò lè rí i.

Nọ́ńbà mìíràn tún wà tó lè da ènìyàn lójú rú, ara fáàfù ni ẹ ó ti rí i. Wọ́n lè kọ DN 20 sára fáàfù bíbà. Ẹni tó bá rí 20 yóò rò pé ti PPR 20 ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. DN jẹ́ orúkọ tí wọ́n fi mìlímítà sọ àwọn páìpù oní-ínṣì àtijọ́, inú ni wọ́n sì fi wò ó, kì í ṣe òde. DN 15 ni ínṣì ½, DN 20 ni ínṣì ¾, DN 25 ni ínṣì 1. Fáàfù DN 20 yìí yóò bá PPR 25 lọ. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo rí i pé ìṣirò mi ní ṣọ́ọ̀bù kò ṣìnà púpọ̀ bí mo ṣe rò. 19.05 ló gbé mi dé 20, 25.4 ló gbé mi dé 25, bí ó bá sì jẹ́ fáàfù DN ni mo ń rà, mi ò ní ṣàṣìṣe. Páìpù ike nìkan ni nọ́ńbà yẹn ní ìtumọ̀ mìíràn lára rẹ̀.

Ibi tí ínṣì àti mìlímítà ti pàdé lójúkojú ni fítíńsì tó ní irin lẹ́nu, èyí tí a ó fi so PPR mọ́ ẹnu ẹ̀rọ, tánkì tàbí páìpù irin. Ẹ ó rí i tí wọ́n kọ 25 × ¾ sára rẹ̀. Ìlà kékeré yẹn ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí a kọ sára fítíńsì. 25 jẹ́ ti ojú ike, ibi tí páìpù yóò yọ́ mọ́, mìlímítà sì ni. ¾ jẹ́ ti ojú irin, ibi tí tírẹ́ẹ̀dì wà, ínṣì ni. Lẹ́tà M tó bá tẹ̀lé e ń sọ pé akọ ni tírẹ́ẹ̀dì náà, ìyẹn ni pé ó yọ síta tí yóò wọ inú nǹkan mìíràn. F ń sọ pé abo ni, inú ni tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà.

Tírẹ́ẹ̀dì ni ohun kan ṣoṣo tí ẹ kò gbọ́dọ̀ yí sí mìlímítà. Kárí ayé, títí dé àwọn ilẹ̀ tí kò lo ínṣì fún nǹkan mìíràn, ínṣì ni wọ́n ṣì fi ń pe tírẹ́ẹ̀dì páìpù omi. Tiwa ní Nàìjíríà jẹ́ ti àwọn Bìrìtéènì, láti ọ̀dọ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń jẹ́ Whitworth, ẹni tó gbé ìlànà tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kalẹ̀ ní 1841. Bí ẹ bá gbé rúlà lé ẹnu ẹ̀rọ ínṣì ½, òde tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ yóò tó mìlímítà 21, díẹ̀ báyìí ló fi dín. Ti ¾ yóò jẹ́ 26.4, ti ínṣì 1 yóò jẹ́ 33.2. Ẹ fi àwọn nọ́ńbà yìí dá tírẹ́ẹ̀dì mọ̀ nìkan. Ẹ má lọ sọ fún oníṣọ́ọ̀bù pé ẹ fẹ́ tírẹ́ẹ̀dì mìlímítà 21, kò ní yé e.

Jẹ́ ká wá padà sí ìwé púlọ́ńbà, kí n sọ bí ọjà náà ṣe rí nígbà tí a tò ó bó ṣe yẹ. Ìdí tánkì ní báàkì-nọ́ọ̀tì ínṣì 1, tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sì jẹ́ abo. A ra fítíńsì 32 × 1 M, a dì í mọ́ ọn pẹ̀lú tépù funfun, PPR 32 PN 10 sì gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ ògiri balùwẹ̀, a fi rẹdúsà 32 sí 25 dín in kù. PPR 25 wọ inú balùwẹ̀. Ibi tí ẹnu ẹ̀rọ báfù wà, a fi tíì tí wọ́n kọ 25 × 20 × 25 sí lára. Bí wọ́n ṣe ń ka tíì ni pé nọ́ńbà àkọ́kọ́ àti ìkẹta jẹ́ ti ọ̀nà tó lọ tààrà, èyí tó wà láàárín ni ti ẹ̀ka. PPR 20 bọ́ sínú ẹ̀ka náà, ẹ́líbò 20 × ½ F sì parí rẹ̀ ní ojú ògiri, níbi tí a ó ti dì ẹnu ẹ̀rọ sí. Páìpù irin ínṣì ¾ kan wà tó lọ sí ilé ìdáná tí a kò fẹ́ hú nígbà náà, nítorí pé táìsì tuntun wà lójú rẹ̀. Fítíńsì 25 × ¾ F ni a fi bo ẹnu tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Ẹ rántí pé 20 ni mo rà fún ọ̀nà yẹn tẹ́lẹ̀. Fítíńsì tó ní ¾ lẹ́nu irin ni púlọ́ńbà kọ, èyí sì ni mo rà, ẹnu ike rẹ̀ sì jẹ́ 25. Nígbà tí ó ki páìpù 20 bọ inú rẹ̀, ó já wọlé gbòlọ̀gbòlọ̀ láìyọ́ rárá. Èyí ni àyẹ̀wò tó rọrùn jù, ẹ sì lè ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó sanwó. PPR tútù kò gbọ́dọ̀ wọ inú fítíńsì tirẹ̀. Ẹnu rẹ̀ yóò kàn án, yóò sì dúró, nítorí pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ihò fítíńsì kó há díẹ̀ ju páìpù lọ. Ìgbà tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ gbígbóná yọ́ méjèèjì, ní ìwọ̀n 260 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá 5 fún 20 tàbí 7 fún 25, ni wọn yóò tó wọnú ara wọn tí wọn yóò sì di ọ̀kan. Bí páìpù tútù bá wọlé fàlàlà, ìwọ̀n ti yàtọ̀ nìyẹn. Kò sí bí wọ́n ṣe lè yọ́ ọ pẹ́ tó tí kò ní jò.

Ọ̀rọ̀ PVC le díẹ̀ ju èyí lọ, nítorí pé ìdílé méjì ló wà lọ́jà tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ ínṣì kan náà. Ìdílé kìíní tẹ̀lé ìwọ̀n mìlímítà bíi ti PPR, òde ínṣì 1 rẹ̀ jẹ́ 32. Ìdílé kejì tẹ̀lé ìwọ̀n páìpù irin ti àwọn Bìrìtéènì, òde ínṣì 1 rẹ̀ lé díẹ̀ ní 33. Oníṣọ́ọ̀bù lè ní méjèèjì lórí àtẹ kan náà, kí ó sì pe méjèèjì ní wọ́ọ̀nù ínṣì, irọ́ kọ́ ló pa. Páìpù tó tóbi kò ní wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó kéré, ẹ ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Èyí tó kéré ló léwu jù. Yóò wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó tóbi, ààyè díẹ̀ yóò kù yí i ká, wọn yóò sì rọ gọ́ọ̀mù sí i kí ó lè dí ààyè náà. Gọ́ọ̀mù PVC kì í ṣe amọ̀ tí a fi ń dí ihò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yọ́ ojú ike méjèèjì díẹ̀ kí wọ́n lè lẹ̀ mọ́ra, bí wọn kò bá sì kan ara wọn, kò sí ohun tó máa lẹ̀. Ó lè dúró fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí oṣù kan, títí di ọjọ́ tí ẹ bá tan ẹ̀rọ bọ́ọ̀hólù tí omi sì fi agbára wọ inú rẹ̀.

Páìpù ìdọ̀tí ínṣì 4 náà ní irú ìṣòro yìí. Ìṣirò yóò fún yín ní 101.6, ẹ ó sì bèèrè 100. Èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ínṣì 4 sábà máa ń jẹ́ 110 ní òde, ti ìdílé Bìrìtéènì sì jẹ́ 114.3. Bí ilé bá ti pẹ́, ẹ má gbára lé orúkọ. Ẹ wọ̀n ọ́n.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n láìní kálípà rọrùn. Ẹ gé bébà tóóró, ẹ wé e mọ́ páìpù ní ẹ̀ẹ̀kan kó le dáadáa, ẹ fi bírò fa àmì sí ibi tí ẹnu rẹ̀ ti kan ara. Ẹ tú u sílẹ̀, ẹ gbé e lé rúlà, ẹ fi 3.14 pín iye mìlímítà tó wà títí dé àmì náà. Páìpù irin tó lọ sí ilé ìdáná tiwa fún wa ní 84.5. Nígbà tí a pín in, ó jẹ́ 26.9, ínṣì ¾ ti irin sì nìyẹn. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn bébà ju kí ènìyàn gbé rúlà lé ẹnu páìpù lọ ni pé ó máa ń sọ ìyàtọ̀ kékeré di ńlá. Láàárín PVC 32 àti èyí tó lé ní 33, mìlímítà kan àti díẹ̀ péré ni, ojú kò lè rí i. Lórí bébà, 100.5 ni ọ̀kan, èkejì á tó 105, mìlímítà mẹ́rin sí márùn-ún ti wọ àárín wọn. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ ha ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò lára irin, torí àwọn náà nípọn.

Mo ní láti dárúkọ ohun kan fún àwọn tó ní ará ní Amẹ́ríkà, nítorí pé ẹnu ẹ̀rọ tó dán yinrin wà lára ohun tí wọ́n máa ń kó wálé fún ilé tí wọ́n ń kọ́. Ínṣì ½ ni wọ́n kọ sí páálí rẹ̀, ínṣì ½ sì ni tiwa, ṣùgbọ́n tírẹ́ẹ̀dì Amẹ́ríkà kì í ṣe ti Bìrìtéènì. Eyín tírẹ́ẹ̀dì wọn fẹjú ní ìwọ̀n igun 60, tiwa jẹ́ 55. Ní ínṣì ½ àti ¾, eyín 14 ni àwọn méjèèjì ní nínú ínṣì kan, nítorí náà yóò wọlé, yóò sì dà bíi pé ó bá a mu. Ní ínṣì 1, tiwa ní eyín 11, tiwọn ní 11 àti ààbọ̀, yóò sì há lẹ́yìn ìyí díẹ̀. Èyí tó há sàn, ó ti kìlọ̀ fún yín. Èyí tó wọlé ni kí ẹ má fi pamọ́ sẹ́yìn táìsì, nítorí pé tépù ló ń di omi mú níbẹ̀, àwọn eyín náà kò fara mọ́ra dáadáa. Ẹ wá fítíńsì tó ń so ti Amẹ́ríkà mọ́ ti Bìrìtéènì, tàbí kí ẹ ní kí wọ́n ra èyí tó ní tírẹ́ẹ̀dì Bìrìtéènì.

Ìyá oníṣọ́ọ̀bù gba páìpù 25 àti 20 tó kù padà lọ́wọ́ mi, èyí tí púlọ́ńbà ti gé nìkan ni kò lè gbà. Lọ́tẹ̀ yìí, púlọ́ńbà fúnra rẹ̀ ló tún ìwé kọ, ó sì kọ nọ́ńbà méjì síwájú ohun kọ̀ọ̀kan: PPR 32, ínṣì 1, PPR 25, ínṣì ¾, PPR 20, ínṣì ½. Nígbà tí iṣẹ́ parí, mo fi bírò tó nípọn kọ ìlà mẹ́ta yẹn sẹ́yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síǹkì, mo sì fi ibi tí a ti so ike mọ́ irin kún un, kí ẹni tó bá máa tún un ṣe lẹ́yìn mi lè rí i kó tó lọ sọ́jà.